Bí a ṣe ń sọ orí kan nínú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé di iṣẹ́ jọ́nà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé sábà máa ń rò pé iṣẹ́ jọ́nà ti wà nílẹ̀ fún òun: kí òun kàn yọ orí kẹrin jáde, kí òun gé e kúrú díẹ̀, kí òun sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí iṣẹ́ náà padà dé, ohun tí aṣàyẹ̀wò kọ sí i ni pé òun ti kà á dé òpin, ṣùgbọ́n òun kò rí ohun tí mo fẹ́ kí òun gbà gbọ́. Ó dùn mí, òtítọ́ sì ni ó sọ.

Àwọn olùdánniwò ni a kọ orí inú àpilẹ̀kọ fún. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti ka ohun tó yẹ kó kà, bóyá ó mọ ọ̀nà ìwádìí, bóyá ó lè to dátà kó sì tú u palẹ̀. Nítorí náà ni orí ṣe máa ń fi gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ hàn. Ẹni tó ń ka jọ́nà kò ní irú ọ̀ranyàn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ó ṣí àṣamọ̀, ó ń wá ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí kò bá sì rí i níbẹ̀, yóò ṣí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín dá lé.

Orí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

N ó lo àpẹẹrẹ kan tí mo ṣe fún ìkọ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń pè lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé orí kẹrin nínú àpilẹ̀kọ kan dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá lò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ 14,000 ọ̀rọ̀. Ìfáàrà rẹ̀ gba 900. Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣáájú gba 3,100. Ìpín kan wà lórí àwọn ìró Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá kò ní, tó fi jẹ́ pé a ń fi f pe fídíò, a sì ń fi ṣ pe ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn gba 2,600. Ìpín tó tẹ̀ lé e, lórí ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tí a ń fi tú u ká, gba 3,400. Ohùn gba 2,500, ìyípadà ìtumọ̀ gba 900, ìgúnlẹ̀ sì gba 600. Jọ́nà tí a fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí kò gbà ju 7,000 ọ̀rọ̀ lọ, àṣamọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 200 lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ọkàn ni láti gé ìpín kọ̀ọ̀kan sí méjì dọ́gbadọ́gba. Èyí ni àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Bí a bá gé gbogbo ẹ̀yà ara sí méjì, ohun tó kù kì í ṣe ènìyàn kékeré. A ó rí ìpín mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí kò sì wọ inú rẹ̀, àpẹẹrẹ méjì méjì ní abẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, àti ìgúnlẹ̀ tó ń ka àwọn ìsọ̀rí náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí gbogbo ìpín inú iṣẹ́ yín bá gùn bákan náà lẹ́yìn tí ẹ gé e tán, ẹ dúró, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpilẹ̀kọ kékeré ni ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá àbá kan ṣoṣo

Kí ẹ tó gé ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ sínú gbólóhùn kan. Kì í ṣe àkòrí, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ jíròrò lé lórí; àbá ni, ìyẹn ni pé onímọ̀ kan lè gbọ́ ọ kó sì ní òun kò gbà.

Fún orí àpẹẹrẹ wa, gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ ni pé iṣẹ́ náà ṣàlàyé bí Yorùbá ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pẹ̀lú èyí, nítorí náà kì í ṣe àbá. Bí a bá tì í síwájú, yóò kọ pé Yorùbá máa ń fi fáwẹ̀lì bọ àárín kọ́ńsónáǹtì méjì tó bá fara kan ara wọn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì, kò sì sí olóòtú tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí rẹ̀.

Ibi tí mo máa ń ní kí wọ́n wò ni ibi tí wọn kò fọkàn sí nígbà tí wọ́n ń kọ orí náà. Ẹ wá àwọn gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a lè ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé" tàbí "ó yẹ kí a mẹ́nu bà á pé". Lẹ́yìn irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni ohun tuntun sábà máa ń fara pamọ́ sí, nítorí pé ní àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orí rẹ̀, ohun tó bá ètò orí náà mu ló ń gbájú mọ́, ohun tó yà á lẹ́nu a sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nínú orí tiwa, ohun tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ náà nìyí. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú àlàyé nípa ọ̀rọ̀ àyálò ni pé fáwẹ̀lì i ni Yorùbá ń fi tú ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì ká, bíi ti kíláàsì, gíláàsì àti síléètì, àti pé u ló ń jẹyọ níbi tí kọ́ńsónáǹtì tí a ń fi ètè pè bá wà, bíi ti búrẹ́dì àti búlúù. Yorùbá kò sì ń fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà a tún ń fi fáwẹ̀lì kún ìparí, a sì ní páìpù àti fíìmù. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ètè ni a fi pe kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nínú bíríkì àti fíríìjì, síbẹ̀ i ni wọ́n gbà. Ẹ wá wo sípù àti fíìmù: i ló ṣáájú nínú wọn, síbẹ̀ u ló wà ní ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ èyí sí gbólóhùn méjì péré nínú orí tó jẹ́ 14,000 ọ̀rọ̀, ó sì kọjá lọ.

Àbá tó jáde láti inú rẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àyálò, fáwẹ̀lì i tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè borí agbára ètè, ṣùgbọ́n ní ìparí ọ̀rọ̀, i tó ti ṣáájú kò lè borí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní irọ́ ni, kó sì mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá láti fi jà wá níyàn. Èyí ló fi hàn pé a ti rí àbá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí inú dídùn gbé àbá yín fò kọjá dátà o. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ pé ní ìparí ọ̀rọ̀, kọ́ńsónáǹtì nìkan ló ń pinnu fáwẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bi èyí wó: búlọ́ọ̀kù. A kì í fi ètè pe k, síbẹ̀ u ló tẹ̀ lé e; bọ́ọ̀lù náà rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ọ tó ṣáájú ló fa u wọlé níbẹ̀. Nítorí náà a há àbá náà mọ́ àwọn kọ́ńsónáǹtì tí a ń fi ètè pè nìkan, a sì ya ìpínrọ̀ kan sọ́tọ̀ fún búlọ́ọ̀kù àti bọ́ọ̀lù láti fi ibi tí àbá náà parí sí hàn. Aṣàyẹ̀wò tó gbọ́ Yorùbá yóò rántí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kó tó ka ojú ìwé kejì tán, ó sì sàn kó bá wọn nínú iṣẹ́ yín ju kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan jọ́nà, kí ẹ sì kọ àṣamọ̀ àkọ́kọ́

Ẹ yan jọ́nà kí ẹ tó gé iṣẹ́, nítorí pé òun ló ń sọ bí iṣẹ́ yóò ti gùn tó àti àwọn tí yóò kà á. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ń béèrè fún nǹkan bí 6,000 sí 9,000 ọ̀rọ̀, àwọn kan sì ka ìwé ìtọ́kasí mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ jọ́nà tó ń tẹ iṣẹ́ ní èdè Yorùbá ni ẹ fẹ́, bíi Láàńgbàsà, Jọ́nà Iṣẹ́ Akadá ní Èdè Yorùbá, kò sí ìdí láti ṣàlàyé fún òǹkàwé pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ jọ́nà fonọ́lọ́jì tí àwọn onímọ̀ èdè láti gbogbo ayé ń kà, ìpínrọ̀ kan lórí sílébù Yorùbá di dandan. Ẹ ka iṣẹ́ mẹ́ta tó jáde láìpẹ́ nínú jọ́nà náà, kí ẹ sì wo bí ìfáàrà wọn ti gùn tó àti ibi tí àbá wọn ti kọ́kọ́ fara hàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àṣamọ̀ kan láìwo orí náà. Kò ní dára, kò sì pọn dandan kó dára, nítorí pé a óò jù ú nù ní ìgbẹ̀yìn. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní báyìí ni pé ó dúró bí ààlà oko: bí ìpínrọ̀ kan kò bá ran ohunkóhun nínú àṣamọ̀ yìí lọ́wọ́, òde ààlà ló wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi àmì sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ẹ tẹ orí náà sórí bébà. Mo mọ̀ pé ó ń ná ni lówó, ṣùgbọ́n ojú kì í rí àlàfo lórí ẹ̀rọ bó ṣe ń rí i lórí bébà. Ní etí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje kọ ohun tí ìpínrọ̀ náà ń ṣe, kì í ṣe ohun tó ń sọ. "Ó ń fún àbá ní ẹ̀rí" yàtọ̀ sí "ó ń sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì". Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta sí i: D fún èyí tí àbá kò lè dúró láìsí i, K fún èyí tó wà níbẹ̀ láti fi han olùdánniwò pé ẹ ti kàwé, M fún èyí tó dára ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti iṣẹ́ mìíràn.

Nínú orí àpẹẹrẹ wa, ibi tí K pọ̀ sí jù lọ ni àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ìṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó kọjá sí ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, ó dé orí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, lẹ́yìn náà ló tó wá kan àwọn tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ àyálò gan-an. Gbogbo ìtàn yìí jẹ́ òtítọ́, kò sì sí èyí tó kan ìdí tí bíríkì fi gba i. Ohun tí iṣẹ́ jọ́nà nílò nínú 3,100 ọ̀rọ̀ yìí ni apá tó sọ pé i ni fáwẹ̀lì tí a ń fi bọ ọ̀rọ̀ àti pé u jẹ́ ti ètè, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó sọ ọ́ àti ojú ìwé tí wọ́n ti sọ ọ́. Mo ti rí i tí 600 ọ̀rọ̀ tó fún irú èyí.

Ibi tó máa ń dunni ni M. Ìpín lórí ohùn, tó jẹ́ 2,500 ọ̀rọ̀, lè jẹ́ èyí tó dára jù lọ nínú orí náà: ó ṣàlàyé ìdí tí sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì ń tẹnu mọ́ fi ń gba ohùn òkè, tí ìparí ọ̀rọ̀ sì ń gba ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti tísà àti táyà. Ṣùgbọ́n ohùn kò kan yíyàn láàárín i àti u. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ìpínrọ̀ méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí àánú yóò mú kí aṣàyẹ̀wò máa béèrè fún ìpínrọ̀ mẹ́wàá sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gé, kí ẹ sì dá ohun tó ń sọnù padà

Ẹ ṣí fáìlì tuntun tó ṣófo. Ẹ má ṣe fi orúkọ tuntun pamọ́ orí àtijọ́ kí ẹ wá máa pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, nítorí pé bí ẹ bá ń pa á rẹ́, ètò orí àtijọ́ ni yóò máa darí yín, ìpínrọ̀ tí kò ṣe ohunkóhun yóò sì yè nítorí pé ọwọ́ kò kàn án. Nínú fáìlì tó ṣófo, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìdí tó fi fẹ́ wọlé hàn. Ẹ kọ àbá sí òkè, ẹ mú àwọn ìpínrọ̀ D wọlé, kí ẹ sì tò wọ́n bí ẹ̀rí ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ètò orí náà yóò yí padà pátápátá níbí. Orí to dátà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣùpọ̀: gbogbo ìṣùpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, lẹ́yìn náà f, lẹ́yìn náà k. Iṣẹ́ jọ́nà yóò tò ó gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí òfin tó wọ́pọ̀ ti ṣiṣẹ́: búrẹ́dì, búlúù, páìpù. Lẹ́yìn náà, ibi tó ti kùnà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: bíríkì, fíríìjì. Lẹ́yìn náà, ibi tí a ti retí pé kó kùnà ní ìparí ṣùgbọ́n tí kò kùnà: sípù, fíìmù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó dúró ní àárín, èyí tí àwọn kan ń pè ní bíréèkì tí àwọn mìíràn sì ń pè ní búréèkì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé fáwẹ̀lì e kò jìnnà sí i, kò sì jẹ́ i fúnra rẹ̀. Bí àwọn elédè bá pín sí méjì níbẹ̀ nìkan, ẹ̀rí ni pé agbára méjì ló ń fa ọ̀rọ̀ náà. Nínú orí àtijọ́, àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni bíréèkì wà. Nínú iṣẹ́ jọ́nà, ó lè gba ojú ìwé kan gbáko.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ títí tó fi pẹ́ jù. Orí kan kì í dá dúró nínú àpilẹ̀kọ. Ó fẹ̀yìn ti àwọn orí yòókù. Bí ẹ ṣe gba dátà wà ní orí kẹta, ìtumọ̀ ohun tí ẹ pè ní ọ̀rọ̀ àyálò wà ní orí kìíní, tíọ́rì wà ní orí kejì. Nígbà tí orí kẹrin bá jáde nìkan, gbogbo èyí ti sọnù, ẹ̀yin kò sì ní rí i nítorí pé ó wà lórí yín. Ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ní orí kejì", "a ó padà sí èyí ní orí karùn-ún" àti "orí yìí". Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ihò. Àwọn kan kàn fẹ́ píparẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá láti orí mìíràn. Fún àpẹẹrẹ wa, ó kéré tán, nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ ni a nílò láti sọ ẹni tó pe àwọn ọ̀rọ̀ náà, ibi tí wọ́n ti wá, bóyá wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àti bóyá wọ́n kà wọ́n nínú ìwé ni tàbí wọ́n sọ wọ́n láti inú àwòrán. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ohun kékeré: ẹni tó bá ń ka "búrẹ́dì" lórí bébà yóò pè é bí a ti kọ ọ́, dátà náà kò sì ní sọ ohun kan fún wa nípa ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí ìgbésẹ̀ yìí, ìṣirò iṣẹ́ àpẹẹrẹ wa lè rí báyìí: ìfáàrà 700, èrò àwọn onímọ̀ ìṣáájú 600, ọ̀nà ìgba-dátà 300, ìtúpalẹ̀ 3,600, ìjíròrò 900, ìgúnlẹ̀ 200. Ó jẹ́ 6,300, àyè sì kù fún ìwé ìtọ́kasí. Ẹ wo ìtúpalẹ̀ dáadáa. Ìpín kan ṣoṣo tó jẹ́ 3,400 nínú orí ti di 3,600. Ó gùn sí i nígbà tí ohun gbogbo yòókù ń kúrú. Bí ibi tí àbá yín wà kò bá gùn sí i nínú iṣẹ́ jọ́nà, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún ìfáàrà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe tún ìfáàrà orí náà ṣe. Ẹ kọ òmíràn. Ìfáàrà orí máa ń sọ ohun tó ń bọ̀ ní 4.1 àti 4.2. Ìfáàrà iṣẹ́ jọ́nà gbọ́dọ̀ fi ìṣòro han òǹkàwé kí ìpínrọ̀ kejì tó parí. Nínú àpẹẹrẹ wa, gbólóhùn àkọ́kọ́ lè gbé bíríkì àti sípù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì béèrè ìdí tí i fi wà nínú èkíní lẹ́yìn b, tí u sì wà nínú èkejì lẹ́yìn p. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí fonọ́lọ́jì kò ní lè gbé e sílẹ̀. Àbá yóò wà ní ìparí ìpínrọ̀ kejì tàbí ìkẹta, ní gbangba, láìfi "a ó gbìyànjú láti" yí i po.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tún àṣamọ̀ kọ

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí ni a tó kọ àṣamọ̀ gidi, láti inú iṣẹ́ náà, kì í ṣe láti inú àṣamọ̀ àpilẹ̀kọ. Èyí ni irú àṣamọ̀ tó máa ń wá láti inú orí:

"Orí yìí ṣe àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú èdè Yorùbá. Ó ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣáájú, ó sì jíròrò ìyípadà ìró, ìfibọ̀ fáwẹ̀lì, ohùn àti ìtumọ̀. A gba dátà láti ẹnu àwọn abẹ́nà ìmọ̀ àti láti inú ìwé ìròyìn. A fi hàn pé ọ̀rọ̀ àyálò máa ń tẹ̀ lé òfin èdè Yorùbá. A sì dá ìmọ̀ràn fún ìwádìí ọjọ́ iwájú."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ òǹkàwé kò rí nǹkan kan mú lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ń sọ ohun tí òǹkọ̀wé ṣe: ó ṣe àyẹ̀wò, ó jíròrò, ó gba dátà. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó jọ àbájáde ni ti òfin èdè Yorùbá, òun náà sì gbòòrò débi pé ó lè wà nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo èyí tó tẹ̀ lé iṣẹ́ tuntun:

"Èrò tó wọ́pọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àyálò Yorùbá ni pé fáwẹ̀lì i ni a ń fi bọ inú wọn, àyàfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńsónáǹtì tí a ń fi ètè pè, níbi tí u ti ń jẹyọ. Èrò yìí kò ṣàlàyé ìdí tí bíríkì àti fíríìjì fi gba i ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí sípù àti fíìmù gba u ní ìparí. A tú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò tó ní irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ palẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn elédè ti pè wọ́n láti inú àwòrán. A rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, i tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń borí agbára ètè, ṣùgbọ́n ní ìparí, i tó ṣáájú kò lè borí rẹ̀. Ibi tí fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ bá jẹ́ e ni àwọn elédè ti pín sí méjì, tí a fi ní bíréèkì àti búréèkì. A dábàá pé ìtọ́sọ́nà ló fa ìyàtọ̀ yìí: gẹ́gẹ́ bí àǹkóò fáwẹ̀lì Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀tún sí òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni fáwẹ̀lì tí a fi bọ ọ̀rọ̀ ń gba àbùdá i láti ọ̀tún. Búlọ́ọ̀kù àti bọ́ọ̀lù, tí kò parí pẹ̀lú irú kọ́ńsónáǹtì yìí, ni ààlà àbá náà."

Ó kúrú ju 200 ọ̀rọ̀ lọ, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ènìyàn gbà, èkejì sọ ibi tó ti kùnà, ẹ̀kẹta sọ dátà, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún sọ àbájáde, ẹ̀kẹfà sọ ìdí rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì sọ ibi tó parí sí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ti sọ àbájáde nínú àṣamọ̀, kò sí ẹni tí yóò ka iṣẹ́ náà mọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni mo máa ń rí: ẹni tó bá mọ ohun tí a rí ni yóò fẹ́ mọ bí a ṣe rí i.

Fún àkòrí, ẹ má ṣe fi ti orí sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Àyálò Nínú Èdè Yorùbá" jẹ́ orúkọ oko. "Bíríkì àti Sípù: Ètè àti Fáwẹ̀lì Nínú Ọ̀rọ̀ Àyálò Yorùbá" jẹ́ orúkọ ohun tí a gbìn sínú rẹ̀.

Lẹ́tà sí olóòtú, àti ohun tó kù nílẹ̀

Nínú lẹ́tà tí ẹ óò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé láti inú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé yín ni ó ti jáde, kí ẹ sì sọ bóyá àpilẹ̀kọ náà wà lórí ìkànnì yunifásítì. Ọ̀pọ̀ jọ́nà kò ka èyí sí ìtẹ̀jáde lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀rọ tó ń wá ìjọra ọ̀rọ̀ ni yóò sọ ọ́ fún olóòtú, kò sì ní sọ ọ́ pẹ̀lú àlàyé. Inú lẹ́tà ni kí ọ̀rọ̀ yìí wà ní àkókò yìí, kò gbọdọ̀ wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí jọ́nà náà bá ń fi orúkọ òǹkọ̀wé pamọ́ fún aṣàyẹ̀wò. Ẹ bá alábòójútó yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn ló gbà yín, ìdúpẹ́ ló tọ́ sí i. Bí ó bá kópa nínú ìtúpalẹ̀ tàbí nínú kíkọ iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yanjú kí lẹ́tà tó jáde.

Ìpín lórí ohùn tí ẹ gbé sínú fáìlì tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó lè di iṣẹ́ kejì bí ó bá ní àbá tirẹ̀ àti ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi àtẹ dátà iṣẹ́ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìkejì. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú àtẹ méjèèjì, ẹ ti gé ẹran kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́, olóòtú yóò sì mọ̀ ọ́n. Bí tísà àti táyà bá ń dáhùn ìbéèrè tí bíríkì kò lè dáhùn, ẹ ṣí fáìlì mìíràn tó ṣófo, kí ẹ sì kọ àbá yẹn sí òkè rẹ̀.